Lẹ́tà tó ń ti ilẹ̀kùn tẹ́tẹ́

Bí tẹ́tẹ́ bá ti ń jẹ owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, kí ẹni tó ń ta á kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ òun mọ́. Àwọn kan á ní ṣé kò lè kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi dá a padà. Àkáǹtì tí a kàn ní kí wọ́n pa náà, wọ́n lè ṣí i bí oníbàárà bá tún béèrè. Ẹ jẹ́ ká gbà pé baálé ilé kan ń gba 120,000 náírà lóṣù. Ó fi 15,000 ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó pàdánù. Kó lè rí i gbà padà, ó fi 30,000 sí i lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn náà wọlẹ̀. Owó oṣù ti dín ní 45,000. Irú alẹ́ yẹn gan-an ló máa fẹ́ yáwó, alẹ́ yẹn náà sì ni lẹ́tà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ọjọ́ ti wà nínú rẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un kó tó pé, bó ti wù kó bẹ̀ wọ́n tó.

Nítorí náà, kí lẹ́tà má fẹnu lásán bẹ̀bẹ̀. Kí ó sọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó fi ṣí àkáǹtì, kó sì wí pé: “Mo fẹ́ kí ẹ yọ mí kúrò nínú tẹ́tẹ́ yín fún ọdún márùn-ún láti òní. Ẹ ti gbogbo àkáǹtì tó wà lórúkọ mi, ẹ má ṣí òmíràn fún mi, ẹ dá owó mi tó kù síbẹ̀ padà sí báńkì, ẹ má sì fi ìpolówó ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ fèsì lórí ìwé.” Kò pọn dandan kó ka gbèsè rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ni àkáǹtì ló yẹ kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó lè jókòó tì í, kó sì tọ́jú èsì náà. Bí ìpolówó bá tún wọlé lẹ́yìn èsì, ẹ̀rí rèé fún àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni lẹ́tà kan ń dè, òmíràn sì wà nítòsí. Òótọ́ ni. Ní Bìrìtéènì, ìforúkọsílẹ̀ kan lórí GAMSTOP ló ń ti gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún wọn. Títí irú rẹ̀ yóò fi délé wa, kí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ kọ̀wé sí gbogbo ibi tó ti ń ta tẹ́tẹ́, kí owó oṣù rẹ̀ sì máa gba ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ pawọ́ pọ̀ ṣe ìwé orúkọ kan ṣoṣo fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́.