Ẹni Tó Sanwó Kọ́ Ló Ni Àṣírí

Òfin Ètò Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014 là á sílẹ̀ ní abala 23 pé kí olùtọ́jú sọ àǹfààní, ewu àti iye owó ìtọ́jú fún ẹni tó wá gbà á, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè kọ̀. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí àlàyé náà jẹ́ ní èdè tó yé ẹni náà. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá kàn na fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí wọ́n fi òyìnbó kọ sí ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, tó ní kó fọwọ́ sí i kó tó wọlé, ìwé ló gbà, kò gba àṣẹ. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ka fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin olùkọ́ kan ṣàpẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, tí kò rí oorun sùn mọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá, ọkọ náà ló sì ń sanwó. Ká ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni ìjókòó ìṣẹ́jú 50. Bí olùtọ́jú bá rò pé ìjókòó mẹ́jọ ni yóò gbà, ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà nìyẹn, ó sì yẹ kí iye yẹn hàn nínú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe iye ìjókòó kan ṣoṣo. Ó yẹ kó hàn pẹ̀lú bí wọn yóò bá gbowó ìjókòó tí kò wá, àti iye wákàtí tó yẹ kó fi sọ fún wọn ṣáájú. Èyí ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀: ẹni tó rò pé ẹni tí kò jókòó kò jẹ gbèsè yóò bínú, kò sì ní padà wá mọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkọ pe olùtọ́jú: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàwó mi ń sọ nípa mi?” Nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé ènìyàn lọ síbi ìtọ́jú máa ń rò pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn. Kò ní in. Abala 26 òfin yẹn fi àṣírí sọ́wọ́ ẹni tó ń gbàtọ́jú. Àyàfi bí obìnrin náà bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pàṣẹ, tàbí bí dídákẹ́ bá lè wu ìlera ará ìlú léwu, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́. Kí fọ́ọ̀mù sọ ọ́ gbangba pé owó tí ọkọ san kò ra ọ̀rọ̀ ìyàwó.

Ibi tí àṣírí pin sí ló tún yẹ kí wọ́n kọ jù. Láyé àwọn amúnisìn ni wọ́n ti kọ ọ́ sí abala 327 Òfin Ìwà Ọ̀daràn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù òfin yẹn bá wà lọ́kàn obìnrin wa, yóò fi ọ̀rọ̀ tó lè gbà á là pamọ́. Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù sọ ẹni tí wọn yóò pè bó bá ní òun fẹ́ kú, kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yan ẹni yẹn, kí wọ́n sì sọ fún un pé ìwọ̀nba ohun tí ààbò rẹ̀ béèrè ni wọn yóò sọ fún onítọ̀hún.

Ní ti àkọsílẹ̀, Òfin Ètò Ìlera ní kí ilé ìtọ́jú máa kọ ọ́. Kí fọ́ọ̀mù wá sọ ohun tí wọ́n ń kọ: ọjọ́ ìjókòó, ìṣòro, ìlànà ìtọ́jú àti ewu. Kò yẹ kí gbogbo ẹjọ́ ilé wọ fáìlì. Kó sọ ibi tí fáìlì ń gbé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti iye ọdún tí yóò fi wà níbẹ̀. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra púpọ̀, ó sì fún ẹni tó ni ín láǹfààní láti béèrè fún un.

Bí obìnrin náà bá fẹ́ dáwọ́ dúró ní ìjókòó kẹrin, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì pọn dandan kó ṣàlàyé. Owó tó ti jẹ nìkan ni yóò san. Olùtọ́jú lè ní kó wá jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi dágbére, kó sì júwe ibòmíràn fún un, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dè é. Fáìlì rẹ̀ kò ní pa rẹ́ lọ́jọ́ tó kúrò. Kí wọ́n ti sọ èyí fún un látìbẹ̀rẹ̀.

A ń ké sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá pé kí ilé ìwòsàn wọn ní fọ́ọ̀mù yìí ní Yorùbá, kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Lẹ́yìn kíkà rẹ̀, kí olùtọ́jú ní kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun mẹ́ta: iye tí yóò san, ìgbà tí àṣírí lè jáde, àti bí òun ṣe lè kúrò. Bí kò bá rí i sọ, kí wọ́n má tíì fi bíírò lé e lọ́wọ́.