Alásè ò gbé oúnjẹ pé: lẹ́tà wo lẹ ó kọ sí i?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyá wa. Bí oúnjẹ ìgbéyàwó bá dójú tini, ẹlòmíì á lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà alásè, ẹlòmíì á sáré lọ sí tẹ́ṣàn. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí pé èèyàn yẹ àdéhùn lásán mú un. Lẹ́tà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ìṣirò ló sì wà nídìí ẹ̀.

Ẹ fi wé ìyá ìyàwó kan ní Ṣágámù, tó bá alásè kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ṣàdéhùn ìrẹsì àti ìkọ́kọrẹ́ fún 200 àlejò, ₦3,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦600,000, ó sì san ₦450,000 sílẹ̀. Aago 12 ọ̀sán ló yẹ kí oúnjẹ dé. Aago 3 ló dé, kò sì ju ti 100 èèyàn lọ.

Inú bí ìyá, ó ní kí wọ́n kó ₦450,000 òun padà pátá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́, torí oúnjẹ tí àlejò ti jẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé bí iṣẹ́ bá mẹ́hẹ, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá iye tó bá àléébù ẹ̀ mu padà. Ìgbéyàwó ti kọjá, kò sí àtúnṣe mọ́. Owó ló kù. Ohun tí ìyá yóò kọ nìyí:

“Ìyá Alásè, ẹ kú iṣẹ́. Mo san ₦450,000 fún yín. Oúnjẹ èèyàn 100 lẹ gbé wá dípò 200, ó sì pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá jẹ́ ₦300,000, nítorí náà ₦150,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ yín. ₦350,000 ni mo fi ra oúnjẹ 100 èèyàn tó kù lọ́jọ́ náà, ó fi ₦50,000 lé iye tí à bá san fún yín. ₦200,000 ni mo ń béèrè, láàárín ọjọ́ 14. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ májísíréètì ni yóò là wá.”

Èébú kò sí níbẹ̀, èpè kò sí níbẹ̀. Kí ìyá kọ ọjọ́ àdéhùn àti ọjọ́ ìgbéyàwó sí i, kó fi ẹ̀dà rìsíìtì méjèèjì mọ́ ọn, ti owó àsansílẹ̀ àti ti oúnjẹ tó rà. Ẹ̀dà méjì ni kó kọ, kí alásè fọwọ́ sí ọ̀kan pé òun gbà á, kí ìyá mú un lọ sílé.

Alásè lè ní òun ti fi owó náà nájà. Ọjà tí kò di oúnjẹ lórí tábìlì àlejò, òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé ìyá fúnra ẹ̀ ló fagi lé ìnáwó náà lẹ́yìn tí alásè ti nájà, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.