Dídín, Fífúnpọ̀ àti Rírẹ́: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ Dàpọ̀ nínú Ìmọ̀ Àwòrán

Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn lè ṣe sí àwòrán tí ó tóbi ju àyè tí wọ́n fẹ́ fi í sí lọ. Èkíní ni kí ó dín in, ìyẹn ni pé kí ìbú àti òòró rẹ̀ jọ kéré sí i ní ìwọ̀n kan náà. Èkejì ni kí ó fún un pọ̀, kí ìbú kéré sí i nígbà tí òòró wà bí ó ti wà. Ẹ̀kẹta ni kí ó rẹ́ ẹ bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ́ èékánná, kí apá kan rẹ̀ sì lọ pátápátá. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tipẹ́tipẹ́, ìtumọ̀ wọn kò sì jọra. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n di ìperí, kí olúkúlùkù sì dúró ní àyè tirẹ̀. Bí ẹni tí ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní 'gígé àwòrán kù', ọjà oníṣòwò ni yóò fara gbá a.

Ìperí tí ó jẹ́ òpómúléró nínú ọ̀ràn náà ni ìpín ìbú-sí-òòró. Píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán, ni wọ́n fi ń ka ìbú àti òòró. Bí ìbú àwòrán bá jẹ́ 4000, tí òòró rẹ̀ sì jẹ́ 3000, ìpín rẹ̀ ni 4 sí 3. Ẹlòmíràn lè sọ pé 'ìrísí' ti tó fún èyí. Ṣùgbọ́n ìrísí gbòòrò jù. Bí wọ́n bá yí àwọ̀ aṣọ inú àwòrán padà, ìrísí rẹ̀ ti yí, ìpín rẹ̀ kò sì yí rárá. Bí wọ́n bá rẹ́ etí kan, ohun tí ó ṣẹ́kù kò fún pọ̀, síbẹ̀ ìpín náà ti yí. Ọ̀rọ̀ tí kò lè ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kò tíì di ìperí.

Kí àpẹẹrẹ ó fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, bá fẹ́ kó àwòrán aṣọ rẹ̀ sí ìsọ̀ orí ayélujára, tí ìsọ̀ náà kò sì gba àwòrán tí ìbú rẹ̀ ju 1200 lọ, ó lè lo ImageMagick, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́kọ́ fi síta ní 1990, láti ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ tí yóò tẹ̀ nìyí:

```
mkdir kekere
magick mogrify -path kekere -auto-orient -resize "1200x>" *.jpg
```

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú `x` ni ìbú. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn `x`, nítorí náà ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣírò òòró. Àwòrán 4000 sí 3000 yóò di 1200 sí 900, nítorí pé ìbú àti òòró ni wọ́n jọ sọ di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Dídín nìyẹn. Èyí tí ó wà ní ìnàró, tí ó jẹ́ 3000 sí 4000, yóò di 1200 sí 1600.

Bí ó bá kọ `1200x900` ńkọ́? Àwòrán kò ní fún pọ̀. Ètò náà yóò ka nọ́ńbà méjèèjì sí ààlà, yóò sì dín àwòrán títí yóò fi wọ inú rẹ̀. Àwòrán ìnàró yẹn yóò wá di 675 sí 900, yóò sì tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ nínú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi àmì ìyanu kún un, tí ó di `1200x900!`, fífúnpọ̀ ni ó pa láṣẹ. Àwòrán ìnàró náà yóò di 1200 sí 900 tipátipá. Àmì roboto ara àdìrẹ yóò tẹ́ bí ẹyin tí wọ́n fi lélẹ̀, oníbàárà yóò sì rò pé iṣẹ́ ọnà mìíràn ni. Ohun roboto ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá nínú àwòrán tí ènìyàn bá fura sí. Rírẹ́ ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí ni `-crop`.

Àmì `>` ni ó fi hàn pé 'dín' sàn ju 'yí ìwọ̀n padà' lọ fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ètò náà fọwọ́ kan kìkì àwòrán tí ó bá ju ààlà lọ. Àwòrán 900 sí 600 yóò wà bẹ́ẹ̀. Bí àmì náà kò bá sí níbẹ̀, ètò náà yóò fẹ̀ ẹ́ sí 1200 sí 800, ojú rẹ̀ yóò sì ṣú, nítorí pé fífẹ̀ kò lè mú kúlẹ̀kúlẹ̀ tí kámẹ́rà kò yà wá. Dandan ni kí àmì àyọlò yí i ká. Láìsí i, agbàṣẹ kọ̀ǹpútà, tí ó máa ń kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀, yóò rò pé wọ́n ní kí òun da èsì sínú fáìlì. Ètò àwòrán kò ní rí àmì náà, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e sì lè di òfìfo.

Ìṣọ́ra méjì kù. Fóònù sábà máa ń pa àwòrán ìnàró mọ́ ní ìdùbúlẹ̀, yóò sì fi àkọsílẹ̀ sí i pé kí wọ́n gbé e dìde nígbà wíwò. Bí `-auto-orient` kò bá ṣáájú, ìbú ti ìdùbúlẹ̀ ni ètò yóò wọ̀n, àwòrán tí ó yẹ kí ó fẹ̀ tó 1200 yóò sì hàn ní 900 péré. Èkejì ni pé `mogrify` máa ń kọ èsì lé orí fáìlì tí ó bá níbẹ̀. `-path` ni ó ń darí èsì sí àpò mìíràn. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ ti pàdánù àwòrán ńlá rẹ̀, àfi bí ó bá ní ẹ̀dà. Bí iṣẹ́ bá parí, àṣẹ yìí yóò ka ìbú àti òòró ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde:

```
magick identify -format "%f %w %h\n" kekere/*.jpg
```

Ẹni tí ó bá yẹ àkójọ náà wò lè rí i pé àwòrán 3000 sí 1999 ti di 1200 sí 800, nígbà tí ìṣirò fi 799.6 hàn. Kò sí ààbọ̀ píkísẹ́lì, nítorí náà ètò náà mú nọ́ńbà odindi tí ó sún mọ́ ọn jù. Ó yẹ kí ìtumọ̀ tí wọn yóò kọ sílẹ̀ fún dídín gba èyí náà mọ́ra: mímú ìbú àti òòró àwòrán kéré sí i pọ̀, kí ìpín ìbú-sí-òòró rẹ̀ má yí ju ohun tí píkísẹ́lì kan lè fà lọ. Ohun tí ó bá yí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, fífúnpọ̀ tàbí rírẹ́ ni.