Ìdánwò Àṣewọlé Ìjọba Kò Gbọdọ̀ Lé Ọmọ Padà

Láti ọwọ́ Ọmọ Ìkòrò

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti wọlé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìkéde ìgbàwọlé mọ́ ẹnu géètì, láti Ìjerò dé Arámọkọ, láti Ìkòrò-Èkìtì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bébà náà kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ a wà lókè, ọjọ́ ìdánwò a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni iye fọ́ọ̀mù àti àwọn ìwé tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú wá. Òbí a kà á, a fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, a sì gba ilé lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó béèrè kì í sí nínú ìkéde náà: bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí, níbo ni kí ó lọ?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ti ìjọba àpapọ̀ wà. Kò sí ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìíní níbẹ̀ láìṣe ìdánwò tí àjọ Nẹ́kò ń ṣe fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Kì í ṣe máàkì kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ló ń sọ ọ́. Lọ́dún 2013, nígbà tí iye máàkì wọ̀nyí di ariwo nínú ìwé ìròyìn, 139 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ Anámbra, 119 lọ́wọ́ ọmọ Èkìtì, 2 péré sì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wá láti Sámfárà. Ìyẹn ni pé ọmọbìnrin Ìkòrò tó gba 118 lè jókòó sílé kí ó máa wo ọmọ ẹlòmíràn tó gba máàkì tí kò tó ìdajì tirẹ̀ bó ṣe ń gbé àpótí wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn òbí, kò sì yẹ ká bú wọn fún un. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn yẹn ní ìdí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ilé-ìgbé níye, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí kí ọmọ Ìbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Yorùbá lè jọ dàgbà pọ̀ ni wọ́n ṣe dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wọlé síbẹ̀ ṣì ní ibòmíràn tó lè lọ.

Ibòmíràn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà nínú ìlú, tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ láàárọ̀ tó sì ń padà wálé lọ́sàn-án, kò ní bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ pín, kò sì ní ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì tó fẹ́ tẹ́ lọ́rùn. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọ ọ́ sínú ìkéde pé ọmọ tó bá yege nìkan ni àwọn yóò gbà sí kíláàsì kìíní, òfin lòdì sí i. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 so ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì sọ ọ́ di dandan. Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ parí ọdún mẹ́sàn-án yìí. Bó bá tún ṣe é, kí ó san 2,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá sì gba owó lórí ẹ̀kọ́ náà, ìtanràn tirẹ̀ lè tó 10,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ wá wò ó: ilé-ẹ̀kọ́ lé ọmọ sílé nítorí ìdánwò, òfin sì ń wá bàbá rẹ̀ láti fìyà jẹ nítorí pé ọmọ wà nílé!

Kò ṣòro láti mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Lẹ́yìn tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, àwọn ọmọ tó jáde kíláàsì kẹfà pọ̀ ju ààyè tó wà ní girama lọ fíìfíì. Ìdánwò ló ń ṣẹ́ wọn kù, owó sì tún ń ṣẹ́ èyí tó bá ṣẹ́kù. Nígbà tí ìjọba Ajásin sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ lẹ́yìn ìbò ọdún 1979, Èkìtì wà lára Oǹdó, ilé-ẹ̀kọ́ sì hù káàkiri àwọn ìlú wa. Ààyè ti wá gbilẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ju irinṣẹ́ tí a fi ń ṣẹ́ ọmọ kù nù. Owó pàápàá tún yọjú padà lábẹ́ orúkọ owó ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, kí Káyọ̀dé Fáyẹmí tó fagi lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Àwọn olùkọ́ ní èsì kan, èsì náà kì í sì í ṣe yẹpẹrẹ. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan ń dé láti kíláàsì kẹfà tí wọn kò lè ka ìpínrọ̀ kan já. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò kọ́ ọ láti kàwé ní ọdún mẹ́fà náà ni yóò tún padà sí, tàbí kí ó kúkú di ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìdánwò wúlò bí ó bá ń sọ ohun tí a ó ṣe fún ọmọ. Kí olùkọ́ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ kó ka ìpínrọ̀ kan sókè ní Yorùbá àti òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó ṣe ìṣirò àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ti mọ ẹni tó nílò ẹ̀kọ́ àfikún ní sáà àkọ́kọ́. Kíláàsì kẹrin girama ni ìlẹ̀kùn ìdánwò tọ́ sí, níbi tí ọdún mẹ́sàn-án ti òfin parí sí, tí ọmọ sì ń fi èsì ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹta yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí iṣẹ́ òwò.

Ibì kan wà tó yẹ kí ìkéde náà le ju bó ṣe wà lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ìbí. Púpọ̀ nínú àwọn ìkéde a kàn kọ ọ́ pé “ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá,” akọ̀wé a gbà á, a fi sínú fáìlì, ó parí. Ká ní ọmọ kan ń jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, tí wọ́n kọ Fúnmiláyọ̀ sínú rẹ́jísítà, tí bàbá rẹ̀ sì yọ ọdún kan kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó lè dà bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Orúkọ rẹ́jísítà ni yóò bá a dé ìwé ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 ni Jáàmù ti sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè di dandan, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yọ. Ibẹ̀ ni àwọn ìwé náà ti máa ń takora. Lọ́dún 2025, owó tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí nọ́ńbà yẹn kúrò ní 16,340 náírà, ó di 28,574. Bí akọ̀wé bá fi ìwé ẹ̀rí ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wé ara wọn lọ́jọ́ ìgbàwọlé, tó sì jẹ́ kí òbí buwọ́ lu orúkọ náà lẹ́tà sí lẹ́tà, ẹ̀dà rẹ́jísítà kò ní fa wàhálà kankan lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní agbègbè Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, àti sí àwọn tó ń bójú tó wọn ní Adó. Nínú ìkéde ti sáà tó ń bọ̀, ẹ fa igi sí ọ̀rọ̀ náà, “ọmọ tó bá yege nìkan.” Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ọmọ tó parí kíláàsì kẹfà ni ẹ ó gbà, pé ìdánwò wà láti mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, àti pé a kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.