Aago ìlú wo lẹ kọ sínú ímeèlì yẹn?

Bí ẹ bá rí "03/04, 5pm EST" nínú ímeèlì, ọjọ́ wo lẹ máa fi sí kàlẹ́ńdà yín? Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni mo fi sí tèmi. Èkó níbí ni mo wà, mo ń bá àwọn kan ní Niú Yọ́ọ̀kì yẹ ìwé àdéhùn wò, mo sì rò pé mo ṣì ní ju oṣù kan lọ. Àṣé ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni wọ́n ní lọ́kàn! Ìgbà tí wọ́n kọ̀wé béèrè pé iṣẹ́ náà dà, mi ò tíì ṣí ojú ewé kejì. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíì, owó náà sì bá a lọ.

Àwa níbí ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, bíi ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú. Tí ẹnìkan bá kọ 25/12, kò sí wàhálà, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àmọ́ ọjọ́ 132 ló wà nínú ọdún tí ẹ lè kà sí méjì láìsí ohun tó máa ta yín jí. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni kí wọ́n fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, kí wọ́n sì fi orúkọ ọjọ́ tì í. Ká ní wọ́n kọ Tuesday síbẹ̀ ni, mi ò bá ti rí i pé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún yẹn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, mi ò bá sì ti béèrè.

Ti aago ló tún le jù. Aago wa ní Nàìjíríà kì í yí padà látọdún dọ́dún, tiwọn ń yí. Ẹ wo ìpàdé kan tí èmi, àwọn ará Niú Yọ́ọ̀kì míì àti ẹnìkan ní Lọ́ńdọ̀nù jọ máa ń ṣe lórí fóònù lọ́dún yẹn kan náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn ni. Nígbà òtútù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ l'Ékòó, aago mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, ìpàdé sì di aago mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, aago méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago mẹ́rin ni mo wọlé, wọ́n ti parí. Nígbà tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, Lọ́ńdọ̀nù náà ti tiwọn síwájú, ti arákùnrin yẹn tún padà sí aago mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kálukú fi ń ṣírò tirẹ̀.

EST yẹn ló wá ń bí mi nínú jù. Aago ìgbà òtútù nìkan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ wọnú oṣù Keje. Tí ẹ bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, 5pm EST jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ l'Ékòó. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nínú oṣù Keje ni aago mẹ́wàá. Ẹ ti pẹ́ ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ṣẹ̀ sẹ́nì kankan. CST ńkọ́? Aago Ṣikágò ni, aago Ṣáínà náà ni, wákàtí mẹ́rìnlá ló wà láàrin wọn! Orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì kọ "aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì", torí a ò mọ̀ bóyá òru tí Ẹtì bẹ̀rẹ̀ ni tàbí èyí tó parí. Ẹ kọ 11:59pm.

Ta ló yẹ kó ṣe wàhálà ìṣirò yìí? Ẹni tó ń fi gbèdéke lélẹ̀ ni. Nínú òfin àdéhùn, tí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi iyèméjì náà dá lẹ́bi. Nínú ímeèlì, ẹni tó ń retí owó ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwé àdéhùn tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yẹn gan-an sọ ọ́ kedere pé aago Niú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n máa fi ka gbogbo gbèdéke. Wọn ò wulẹ̀ rántí kọ ọ́ sí mi ni.

Nísinsìnyí, kí n tó gba iṣẹ́, ìlà kan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ padà, màá ní kí wọ́n fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni ti ọjọ́ yẹn ì bá ṣe rí:

```
Tuesday 4 March 2025, 5:00pm New York (11:00pm Lagos)
```

Oníbàárà kan sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé mo ti ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Ó fèsì ṣá, ó ní kì í ṣe ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀ ni òun ń sọ.