Kò Sí Olè Láàárín Èrè Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin lẹ́nu àwọn oníléeṣẹ́ wa: bí ìṣirò méjì bá jáde fún oṣù kan náà, tí èrè inú wọn kò dọ́gba, wọ́n á ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, tàbí kí wọ́n máa wo akọ̀wé owó bí ẹni tó ti mú nǹkan. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò méjèèjì lè tọ̀nà láìdọ́gba. Inú sitóò ni kí ẹ ti lọ wá ìyàtọ̀ wọn, ẹ fi àpò akọ̀wé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ ọṣẹ kan wò ó, tí sitóò rẹ̀ ṣófo nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀. Epo, sódà, páálí àti owó àwọn tó ń dà á ń jẹ ₦1,500 lórí páálí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan. Owó ilé àti owó oṣù ọ̀gá iṣẹ́ jẹ́ ₦600,000, ì báà ṣe páálí kan ni wọ́n ṣe, ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún. Ẹ jẹ́ kí n máa pe èyí ní owó àìyẹ̀. Páálí 1,200 ni iléeṣẹ́ náà sábà máa ń ṣe lóṣù, nítorí náà ìpín páálí kọ̀ọ̀kan nínú owó àìyẹ̀ jẹ́ ₦500. ₦2,500 ni wọ́n ń tà á.

Lóṣù kìíní wọ́n ṣe 1,200, wọ́n ta 1,000. Ìṣirò kan, tí a ó pè ní aláìyẹ̀-lóṣù, ń na owó àìyẹ̀ tán nínú oṣù tó wọlé. Páálí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà fi ₦1,000 sílẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000. Ẹ yọ ₦600,000 kúrò, èrè ku ₦400,000. Ìṣirò kejì, alákòópọ̀, ń lẹ owó àìyẹ̀ mọ́ ọṣẹ lára, páálí kan wá di ₦2,000. Èrè páálí kan jẹ́ ₦500, ti ẹgbẹ̀rún páálí sì jẹ́ ₦500,000.

Níbo ni ₦100,000 ti wá? Páálí 200 tó wà nílẹ̀ gbé ₦500 kọ̀ọ̀kan dání lọ sí oṣù tó ń bọ̀. Owó náà ti jáde lọ́wọ́, ìwé ni kò tíì kà á sí ìnáwó. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Lóṣù kejì wọ́n ṣe 1,000, wọ́n ta 1,200, sitóò sì tún ṣófo. Aláìyẹ̀-lóṣù fi èrè ₦600,000 hàn. Alákòópọ̀ rí ₦600,000 lórí ọjà tó tà, ṣùgbọ́n owó àìyẹ̀ tí páálí 1,000 gbé kò ju ₦500,000 lọ. ₦100,000 tí kò rí ibi sùn ni a yọ, èrè wá jẹ́ ₦500,000. Ẹ ro oṣù méjèèjì pọ̀: ₦1,000,000 níhìn-ín, ₦1,000,000 lọ́hùn-ún. Olè wo ló ń dá owó padà lóṣù kejì?

Ibi tí àwọn tó gbà mí gbọ́ pàápàá ti ń ṣìnà ni pé bí wọ́n bá ń wá ìyàtọ̀ èrè méjèèjì, wọ́n ń fi ìpín páálí kan sọ gbogbo ọjà tó kù di púpọ̀. Owó àìyẹ̀ inú ọjà ìparí oṣù ni kí ẹ mú, kí ẹ yọ ti inú ọjà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kúrò nínú rẹ̀. Bí ìpín páálí kan bá ti yí padà láàárín oṣù méjì, ọjà ìbẹ̀rẹ̀ á ru ìpín àtijọ́, ìyàtọ̀ sì lè yọjú nígbà tí iye ọjà sitóò kò yí padà rárá. Owó ìpolówó àti owó ọkọ̀ tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà kò bá wa dé sitóò, ẹ má fi wọ́n sí i.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí oníléeṣẹ́ máa bẹ̀rù nìyí. Ká ní lóṣù kìíní yẹn wọ́n ṣe 1,500, tí wọ́n sì ta 1,000 náà. Aláìyẹ̀-lóṣù kò kúrò ní ₦400,000. Alákòópọ̀ fò sókè sí ₦650,000, láìsí oníbàárà kan tó fi kún un! IAS 2, òfin ìṣirò àgbáyé tí ó fọwọ́ sí alákòópọ̀ fún ìwé tí ará ìta ń kà, mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí a dín ìpín páálí kan kù. ₦600,000 tí a pín sí 1,500 jẹ́ ₦400, èrè sì bọ́ sí ₦600,000. Ó dín kù lóòótọ́, síbẹ̀ ₦200,000 owó àìyẹ̀ ṣì jókòó sórí páálí 500 tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Bí ẹ bá ń san àjẹmọ́nú fún ọ̀gá iṣẹ́ lórí èrè alákòópọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ ń bẹ̀ ẹ́ kó máa da ọṣẹ kún sitóò.