Nígbà tí Aṣọ Ìnura Kò Bá Fa Omi Mọ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí aṣọ ìnura yín bá rọ̀ tí ó sì ń ta sánsán, ṣùgbọ́n tí omi ṣì wà lára ọmọ lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún tán, ẹ yẹ omi ìmú-aṣọ-rọ̀ tí ẹ ń dà sí omi ìṣanṣọ ìkẹyìn wò.

Ohun kan tí ó jọ ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ fọ́nrán òwú, kì í jẹ́ kí wọn gan mọ́ ara wọn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí aṣọ fi ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í gba omi láàyè. Bí ẹ bá ń dà á ní àdàjù, tàbí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọṣọ, yóò máa gorí ara wọn títí aṣọ ìnura àti ìlédìí ọmọ kò fi ní fa omi bí ó ti yẹ.

Ẹ kán omi sórí aṣọ ìnura gbígbẹ. Bí ó bá mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dára. Bí omi náà bá dúró róbótó bí omi orí ewé kókò, ọ̀rá ti bò ó. Aṣọ ìnura tuntun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nìkan fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì tún un dán wò. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa gbọn ọ́n dáadáa kí ẹ tó sá a. Èyí náà yóò mú un rọ̀ díẹ̀.